Abẹ́rẹ́ Jẹntamáísìn Ẹ̀ẹ̀kan Lójúmọ́ fún Ọmọdé

Láàrin oṣù kẹrin ọdún 2011 sí oṣù kẹta ọdún 2013, àwọn dókítà ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Zaria, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kẹ́ńyà àti Kóńgò Kinshasa, tọ́jú àwọn ìkókó tí àìsàn àkóràn líle ń ṣe, tí àwọn òbí wọn kò lágbára tàbí tí wọn kò gbà láti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. AFRINEST ni wọ́n pe ìwádìí náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹbùnolúwa Adéjùyìgbé ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó ṣe é. Ìkókó tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́rin lé ní 3,500, kò sì sí ìsọ̀rí kankan tí wọn kò ti lo abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Àwọn kan gbà á fún ọjọ́ méje, àwọn kan fún ọjọ́ méjì péré, tí wọ́n sì wá ń lo amọksisílìn tí à ń gbé mì.

Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2015, àwọn tí ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́ fún wà láàrin 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìsọ̀rí gbogbo. Abẹ́rẹ́ díẹ̀ ṣiṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ púpọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọ̀nà yìí sínú ìlànà rẹ̀ fún ìkókó tí kò ṣeé gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ìyá tó ń gbé ní abúlé lẹ́yìn Ìnísà tàbí Òkukù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni yóò gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò sì bọ́ sí òru.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n sì ń gún un tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Schering ní Amẹ́ríkà kéde jẹntamáísìn, tí wọ́n rí lára kòkòrò inú ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Maikiromonosípórà. Ó pa àwọn kòkòrò àrùn tí pẹnisílìn kò rí gbé ṣe, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ba etí inú jẹ́. Nítorí náà wọ́n pín ìwọ̀n òòjọ́ sí mẹ́ta, míligíráàmù 2.5 fún kílò kan ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, pẹ̀lú èrò pé díẹ̀díẹ̀ ni kò ní pa ara lára.

Òdìkejì ni òótọ́. Bí jẹntamáísìn bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ṣe ń pa kòkòrò tó, àwọn tó bá sì yè kì í tètè gbérí padà fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti lọ. Ti kíndìnrín yàtọ̀. Iye tí ara rẹ̀ lè fà wọlé lẹ́ẹ̀kan ní òpin: bí ọkọ̀ Ọ̀fà bá ti kún ní gáréèjì Ìkìrun, èrò ì báà pọ̀ tó ogún nílẹ̀, kò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oògùn bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò bá ìtọ̀ jáde. Bí ó bá ń kán wọlé tọ̀sán tòru, kíndìnrín yóò máa kó o jọ ṣáá. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ ní Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù fi èyí hàn lára àwọn tí wọ́n fẹ́ yọ kíndìnrín kan fún nítorí jẹjẹrẹ. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa kán sára àwọn yòókù fún ọjọ́ kan gbáko. Èyí tó kóra jọ sínú kíndìnrín àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀kan kò tó ti àwọn yòókù.

Ìwọ̀n ara ọmọ ni gbogbo ìṣirò dúró lé. Ká ní ìkókó ọjọ́ mẹ́wàá kan wúwo tó kílò 3.2 lórí òṣùwọ̀n. Míligíráàmù 7.5 fún kílò kan ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé wí fún ọmọ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà míligíráàmù 24 ni tirẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọjọ́ méje, míligíráàmù 5 fún kílò kan ni, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì gbó. Ibi tí ewu wà ni ìgò. Ọ̀kan wà tí míligíráàmù 80 wà nínú mílílítà 2 rẹ̀, òmíràn sì wà tí míligíráàmù 20 péré wà nínú mílílítà 2 kan náà. Nínú èyí tó le, mílílítà 0.6 ni ọmọ yìí nílò. Nínú èyí tó fúyẹ́, mílílítà 2.4. Ẹni tó bá fa 2.4 nínú èyí tó le ti gún ìkókó ní míligíráàmù 96, ìlọ́po mẹ́rin. Àfojúbù kílò náà kò dára. Ọmọ tó ti gbẹ nítorí ìgbẹ́ gbuuru máa ń tàn ni jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí omi wú lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kíndìnrín ló kù tí yóò sọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ kejì yóò wáyé. Ká ní oògùn tó wà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ga dé míligíráàmù 20 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Lára ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká, ó lè dín sí ìdajì ní wákàtí méjì méjì: 10, 5, 2.5, 1.25. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kíndìnrín bá ń ṣe jẹ́jẹ́, tó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ni ìdajì fi ń lọ, 2.5 ni yóò ṣì wà níbẹ̀ ní wákàtí kẹrìnlélógún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kété ṣáájú abẹ́rẹ́ tó kàn, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó kéré sí 1. Tó bá ga, ohun tó tọ́ ni kí wọ́n sún àkókò síwájú, kì í ṣe kí wọ́n kàn dín oògùn kù, nítorí oògùn tó kéré kò ní pa kòkòrò. Bí wọ́n bá dúró di wákàtí mẹ́rìndínlógójì, ìṣirò wa yìí yóò bọ́ sí abẹ́ 1. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2012 fún àwọn ìkókó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí mẹ́rìndínlógójì.

Ìtọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbí. Ọmọ tí jẹntamáísìn ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ sábà máa ń tọ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan. Kíríátínìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí, òun náà sì sábà máa ń pẹ́ tó ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gòkè. Ọmọ tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 110, tí kíríátínìn rẹ̀ jẹ́ 0.5, ni a ó ṣírò agbára iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ báyìí:

0.413 × 110 ÷ 0.5 = 91

Èyí dára. Bí ó bá di 1.0 ní ọjọ́ kẹfà, èsì yóò di 45, ìdajì. Síbẹ̀ ìwé láàbù tí wọ́n tẹ òdiwọ̀n àgbàlagbà sí lè kọ ọ́ pé 1.0 dára. Ẹni tó ń wo ìwé náà gbọ́dọ̀ fi wé ti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí ni pé kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìkókó ọjọ́ méjì sàn kí a má gbà á gbọ́ pátápátá, nítorí ti ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn oògùn mìíràn ń dá kún un: furosẹmáìdì, fánkomaisín àti ibuprófẹ́ẹ̀nì. Bí ọmọ bá ń bì tàbí tí kò mu omi, kíndìnrín ti rẹ̀ kí oògùn tó dé. Ìbàjẹ́ kíndìnrín sábà máa ń san bí wọ́n bá tètè dá oògùn dúró. Ti etí kì í padà, nítorí náà nígbà tí ìtọ́jú bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan ni dókítà yóò ti máa ronú oògùn mìíràn.