Àmì àtúnṣe lára àwòrán ilẹ̀ títà

Fáìlì àwòrán ilẹ̀ kan ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, lápá Plató ní Bẹ̀nẹ̀, lè pa ọjọ́, fóònù àti ibi tí wọ́n ti yà á mọ́ sínú EXIF. Tí alágbàtà bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ á pòórá. Àìsí wọn kì í ṣe ẹ̀rí èrú. Bí a bá rí `Software: Adobe Photoshop`, ìmọ́lẹ̀ nìkan lè ni wọ́n fi kún un. Òjìji ọ̀pẹ tó lọ sápá ọ̀tọ̀ sí ti ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ múni fura. Fọ́tò kan náà lọ́wọ́ alágbàtà méjì ńkọ́? Onílẹ̀ lè fún àwọn méjèèjì. Láti mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ìwé ANDF ni kí olùrà wò.