Ìlà Bọ́líńjà ti fún pọ̀: ṣé ìjáde gidi ni àbí ayédèrú?

Àwọn àbúrò tó ń ra kírípítò ní Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n kì í yé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà ti fún pọ̀ o, ṣé kí n wọlé?" Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n ní sùúrù ná.

Jọ́ọ̀nù Bọ́líńjà, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìlà yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Tẹ́ ẹ bá yan `Bollinger Bands` lórí ṣáàtì, ìlà mẹ́ta ló máa yọ. Ti àárín ni ìpíndọ́gba iye owó 20 ọjọ́. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń fi hàn bí owó ṣe ń fò jìnnà sí àárín tó, torí náà bí ọjà bá dákẹ́, wọ́n á sún mọ́ra. Ká ní òkè jẹ́ 6,530, ìsàlẹ̀ 6,290, àárín 6,410. Àlàfo wọn jẹ́ 240, ìyẹn ò tó ìdá 4 nínú 100 ti àárín. Bí ìdá yìí bá kéré ju gbogbo ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lọ, ìfúnpọ̀ nìyẹn. Ó ń sọ pé ọjà máa fò. Kò sọ ibi tó ń fò lọ.

Ẹ wo Bitikọ́ìnì lọ́dún 2018. Lọ́jọ́ 15 Oṣù Kẹwàá, ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀ mọ́ lórí Tẹ́tà, ni wọ́n bá sáré fi ra Bitikọ́ìnì. Owó náà fò láti nǹkan bí 6,300 dọ́là kọjá 6,800, ó yọrí kọjá ìlà òkè. Ọjà tó tà lọ́jọ́ náà pọ̀ gan-an, ìyẹn ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ fi parí, owó ti padà sí nǹkan bí 6,600, sínú ìlà. Òwú àbẹ́là nìkan ló jáde, ara rẹ̀ ò jáde. Ayédèrú gbáà!

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìlà tún fún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 14 Oṣù Kọkànlá, owó já bọ́ láti nǹkan bí 6,350, ó sì parí ọjọ́ lábẹ́ 5,800, nísàlẹ̀ ìlà pátápátá. Ìlà òkè gan-an yí sókè nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń lọ sílẹ̀, bí ẹni ya ẹnu. Kò tètè padà wọlé. Kó tó di àárín Oṣù Kejìlá, ó ti dé nǹkan bí 3,200.

Ṣé kí ara àbẹ́là ṣáà ti jáde ni? Rárá o. Lọ́jọ́ 11 Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó parí ọjọ́ nísàlẹ̀ ìlà, ní nǹkan bí 6,250, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ojú kan ló wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dúró de àbẹ́là kejì: ṣé ó lọ jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ? Bí ó bá dúró tàbí tó yí padà sí ìlà àárín, mi ò wọlé.

Àbẹ́là ọjọ́ kan máa ń parí ní aago kan òru tiwa. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò tíì parí.