Ìràwọ̀ Kan Láti Ìbàdàn

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ Sátidé. Ọ̀rọ̀ náà dé sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà yóò ti kà á:

"Wọ́n ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, wọ́n ní aró ìbílẹ̀ ni wọ́n fi pa á. Káńpálà ni wọ́n dì ránṣẹ́ sí mi. Mo yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà, ọnà ara rẹ̀ hàn níbẹ̀ bó ṣe hàn lójú. Ìyá mi ni mo rà á fún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wò ó, wọ́n ní wọ́n ti lù mí."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló ń bá wọn ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi wà l'Ékòó lọ́jọ́ náà, orí fóònù ni mo sì ti bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà láàárín wa ni mo ti to ọjọ́ yìí pa pọ̀.

Aago méje kọjá díẹ̀. Ọmọ náà ti kọ èsì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi han ẹ̀gbọ́n mi: "A ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà ayé ìyá wa. Ojúlówó ni gbogbo ọjà wa. Bí aṣọ kò bá wù yín, kì í ṣe ẹ̀bi wa." Ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní, "Àbúrò, wo ohun tí ọmọ yìí fẹ́ gbé jáde o."

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wá ni èsì yẹn ń dáhùn. Obìnrin náà kò sọ pé aṣọ kò wu òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé káńpálà kì í ṣe ojúlówó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe káńpálà náà, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìpolówó sọ ohun kan, ohun mìíràn ló dé. Ó tún fi ẹ̀rí lélẹ̀: ẹ̀yìn aṣọ. Ẹni tó bá ka èsì tí kò dárúkọ ẹ̀yìn aṣọ rárá, tí ó sì mọ aṣọ díẹ̀, yóò ti mọ ẹni tó ń parọ́.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ìpolówó yẹn?" Wọ́n ní rárá. Mo ní kí ọmọ náà ya àwòrán ojú fóònù: àkọlé, àwòrán ọjà, gbogbo àlàyé, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á dé kí ẹlòmíràn má baà rà. Ó ti fẹ́ tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe kíákíá kó tó fèsì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa kò ní lè sọ mọ́ pé ohun báyìí gan-an ni oníbàárà kà lọ́jọ́ tó sanwó. Bí obìnrin náà bá sì ti ya tirẹ̀ sílẹ̀, ohun tó jẹ́ àìkíyèsí yóò di ẹ̀tàn lójú gbogbo ayé.

Aago mẹ́sàn-án. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìpolówó náà ní aṣọ méje, márùn-ún ti lọ, méjì ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, wọ́n tẹ́ ẹlẹ́kọ gidi kan tì í. Ọnà kan náà ló wà lára méjèèjì, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ń ya òpó Màpó sí. Wọ́n yí àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀, wọ́n ya fọ́tò wọn fún mi.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó lè dì mọ́ aṣọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára tẹ̀ ẹ́. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí. Kò ní rin dé òdì kejì, nítorí náà nígbà tí aṣọ bá wọ ìkòkò aró, aró á gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yìn aṣọ á dúdú tán pátá, ọnà kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀. Ẹ̀kọ kò sì lè dí aró lọ́nà tán, ìdí nìyẹn tí ọnà ojú rẹ̀ kì í fi í funfun báláú. Àwọ̀ ojú ọ̀run fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń jẹ́. Ti káńpálà yàtọ̀. Wọ́n á gé fóòmù sí ọnà, wọ́n á tì í bọ àbẹ́là yíyọ́ tó gbóná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Àbẹ́là gbígbóná á rin dé ẹ̀yìn, kò sì ní jẹ́ kí àwọ̀ wọlé ní ìhà méjèèjì. Bó bá sán nígbà tí wọ́n ń rọ aṣọ nínú omi àwọ̀, á fi ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín sílẹ̀ káàkiri. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni ìkẹta: ojú rẹ̀ á dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá.

Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ dúdú bí òru. Ẹ̀yìn aṣọ kejì ní òpó Màpó lára, ketekete, pẹ̀lú àwọn ìlà tín-ín-rín wọ̀nyẹn. Òtítọ́ ni obìnrin yẹn sọ ní Ìbàdàn.

Aago mọ́kànlá. A ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́kọ tán, ọmọ náà ṣe àdàkọ ìpolówó rẹ̀ fún káńpálà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó pààrọ̀ fọ́tò méjì, ó fi ìkẹta sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kan àkọlé àti iye owó torí pé ọnà kan náà ni. "Àǹtí, àdìrẹ ṣáà ni méjèèjì," ló sọ. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Ó dáa. Èló là ń ta ẹlẹ́kọ? Èló là ń ta èyí?" Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà (₦38,000) ni yáàdì márùn-ún ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ wọn. Ti káńpálà jẹ́ ₦16,000. Gbogbo àwọn márùn-ún tó rà á ló ti san ₦22,000 lé e. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọmọ náà lẹ́nu.

Òfin ọdún 2018 tí àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ń lò kò fàyè gba kí oníṣòwò sọ ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òfin kọ́ ló da ẹ̀gbọ́n mi láàmú. Àwọn mẹ́rin yòókù ni. Wọn kò tíì fẹjọ́ sùn, bóyá torí pé wọn kò mọ̀. Bí a bá fèsì fún ẹni tó pariwo nìkan, a jẹ́ pé ariwo là ń sanwó fún.

Aago méjìlá sí aago méjì. Èmi àti ọmọ náà fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n yọ ìràwọ̀ yẹn kúrò ká tó dá owó wọn padà." Mo ní rárá. Owó náà, tirẹ̀ ni, a kò lè fi owó ẹni ra ẹnu ẹni. Bó bá sì gbé àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta, ìyẹn yóò burú ju ìràwọ̀ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dá ₦38,000 padà sínú àkáǹtì rẹ̀ pẹ̀lú ₦2,500 tó san fún wébílì. Wọ́n wá kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé owó ti wọlé, pé àwọn ni yóò san owó ọkọ̀ tí aṣọ yóò bá padà, àti pé kó dì í nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọn kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé owó ló ṣáájú èsì. "A ó dá owó yín padà" jẹ́ ìlérí lásán lójú ẹni tí ìpolówó kan ti tàn tẹ́lẹ̀. "A ti dá a padà" ni ó lè wo inú àkáǹtì rẹ̀ kó rí.

Aago mẹ́ta. A bẹ̀rẹ̀ èsì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ pé kí oníbàárà pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kí a yanjú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn irú èsì yìí púpọ̀, èmi kò fẹ́ ẹ. Obìnrin náà ti gba owó rẹ̀. Àwọn tí èsì yìí wà fún ni àwọn tí kò tíì rà á, tí wọ́n ń kà á láti mọ̀ bóyá a ó tan àwọn náà. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ wọ yàrá, ẹ̀sùn nìkan ló kù síta. Ọmọ náà kọ "bí inú yín kò bá dùn sí ọjà wa, ẹ má bínú." A yọ "bí" yẹn, torí a mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn, a sì mọ ìdí. A kò dárúkọ rẹ̀, a kò dárúkọ àdúgbò rẹ̀. A kò dárúkọ ọmọ tó ṣe àdàkọ náà pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀bù ló gba owó.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èsì náà jáde:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Òótọ́ lẹ sọ. Ìpolówó wa pe aṣọ yìí ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a pa ní aró ìbílẹ̀. Káńpálà ni a fi ránṣẹ́ sí yín. Ìpolówó àtijọ́ ni a ṣe àdàkọ rẹ̀ láì tún ọ̀rọ̀ àti iye owó inú rẹ̀ ṣe, a sì gba owó ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá. Lónìí, a ti dá gbogbo owó yín àti owó wébílì padà, àwa la ó sì san owó tí aṣọ yóò fi padà. A ti pa ìpolówó náà dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ra Ìbàdàndùn lọ́wọ́ wa lóṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ọnà bá hàn ketekete níbẹ̀, káńpálà ni. Ẹ lè dá a padà gba gbogbo owó yín, ẹ sì lè mú un kí a dá ₦22,000 padà fún yín."

Aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pe àwọn mẹ́rin yòókù fúnra wọn. Méjì ní àwọn yóò mú aṣọ náà, wọ́n gba ₦22,000 wọn. Ọ̀kan ní òun yóò dá a padà. Ẹnì kẹrin kò gbé fóònù. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìwé kí wọ́n tún pè é ní Mọ́ńdè.

Ọmọ náà kọ ìpolówó tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ṣe àdàkọ kankan: "Káńpálà, ọnà Ìbàdàndùn, yáàdì márùn-ún, àbẹ́là àti àwọ̀ kẹ́míkà, ₦16,000." Fọ́tò kìíní jẹ́ ti ojú aṣọ, ìkejì jẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ méjì tó kù ló gbé sórí rẹ̀. Ìràwọ̀ kan ti Ìbàdàn ṣì wà níbi tó wà, ẹnì kankan nínú wa kò sì ní kí wọ́n yọ ọ́.