Láńgà

Láńgà ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì máa ń sè nínú gúrúdúwárà, ilé ìjọsìn wọn. Gúrú Nánákì, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn náà, tí wọ́n bí ní Púńjábù ní 1469, kọ́ wọn pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló dá gbogbo wa. Ìdí nìyí tí olówó àti tálákà fi ń jókòó pọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹun. Wọn kì í fi ẹran sí i, kí ẹlẹ́sìn èyíkéyìí lè jẹ ẹ́.

Lára àwọn Síìkì tí ẹ lè bá pàdé níbẹ̀, àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ Kálísà, tí Gúrú Góbíńdì Síńgì dá sílẹ̀ ní 1699, ní àmì márùn-ún: irun tí wọn kì í gé, òòyà onígi, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti idà kékeré.

Bí ẹ bá lọ jẹ láńgà ní gúrúdúwárà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ borí, ẹ fọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ẹ má sì gba ju èyí tí ẹ lè jẹ tán lọ.