Burú sí i

Nọ́ọ̀sì alẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ pé: “Ó le.” Kí ló le? Bí ara bá le, àlàáfíà ni. Bí àìsàn bá le, ewu ni. Kódà “àìsàn rẹ̀ le” kò tíì tó, nítorí àìsàn lè le fún ọjọ́ mẹ́ta kó má yí padà rárá.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ni “burú sí i”. “Burú” sọ bí nǹkan ṣe rí. “Sí i” sọ pé ó ti kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà, pẹ̀lú aago:

“Mímí bàbá tó ní òtútù àyà burú sí i: ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún (18) ní ìṣẹ́jú kan ní aago 10 alẹ́, 24 ní aago 2 òru, 30 ní aago 5 ìdájí, mo pe dókítà ní aago 5:10.”

Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ fi ka mímí, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí àìsàn bá ń burú sí i, mímí sábà máa ń yára kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀.