Ìwé Ìyọ̀ǹda fún Ọmọdé Tó Ń Rìnrìn Àjò Lọ sí Òkè Òkun

Ìwé ìyọ̀ǹda ìrìn àjò ọmọdé ni ìwé tí òbí fi ń sọ pé òun mọ̀ sí i, òun sì fọwọ́ sí i, pé kí ọmọ òun tí kò tíì pé ọdún 18 bá òbí kejì tàbí ẹbí kan jáde kúrò nílùú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló fi ọdún 18 ṣe òpin ìgbà ọmọdé ní Nàìjíríà. Òfin yìí kan náà ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n láti mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láìjẹ́ pé òbí náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ìwé náà sábà máa ń jẹ́, àmọ́ bí kò bá sí, ìrìn àjò lè parí sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.

Ní Ìlódè, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀, ohun tó sábà ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ta ló ní àṣẹ láti buwọ́ lùwé. Ọmọ lè ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú, kí ìyá rẹ̀ máa ṣòwò l'Ékòó, kí bàbá wà lẹ́yìn odi. Ìyá àgbà ló ń sanwó ilé ìwé, òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo agbo ilé ló sì mọ̀ pé òun ló ni ọmọ. Síbẹ̀, lójú àwọn tó ń fúnni ní físà, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò tó. Àwọn òbí tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí ni yóò buwọ́ lù ú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti fi ìyá àgbà ṣe alágbàtọ́ ọmọ náà, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ sì wà lọ́wọ́.

Ìwé tó jọra wọn ni àwọn ènìyàn máa ń fi rọ́pò ara wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ọmọ l'Óṣogbo, wọ́n ti kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda kan sí Ìmígíréṣọ̀n. Ohun tí lẹ́tà yẹn sọ kò ju pé òbí gbà kí wọ́n fún ọmọ ní ìwé ìrìnnà lọ. Kò dárúkọ ẹni tí ọmọ ń bá lọ, kò dárúkọ orílẹ̀-èdè, kò sì sọ ọjọ́ tí yóò padà. Ẹni tó bá mú un lọ fún físà kò tíì mú ìwé ìyọ̀ǹda ìrìn àjò lọ.

Ká ní ọmọ ọdún 9 kan fẹ́ bá àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Ògún. Ìyá wà ní Ìlódè, bàbá wà ní Kánádà. Ìyá yóò kọ tirẹ̀, yóò sì lọ búra sí i níwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ní ọgbà ilé ẹjọ́ gíga, tàbí kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ nótárì. Nótárì yìí, lọ́yà ni, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yan irú wọn. Bàbá yóò ṣe tirẹ̀ lọ́dọ̀ nótárì níbi tó wà, yóò sì fi ojúlówó ránṣẹ́ sílé. Fọ́tò orí Wásáàpù kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba à-ń-méfò. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ti àbúrò ìyá náà yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tirẹ̀, àdírẹ́sì ibi tí wọn yóò dé sí, ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀, ẹni tí yóò sanwó, àti fóònù òbí tí ènìyàn yóò gbé bí wọ́n bá pè é lóru. Wọn yóò fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà òbí tì í, nítorí ìbuwọ́lùwé inú lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìrìnnà mu. Bí ìyá bá fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, tó wá fi orúkọ ọkọ gba ìwé ìrìnnà, ó ní láti fi ìwé ìgbéyàwó kún un. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dára ti ń kọsẹ̀.

Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ẹni tó ń mú ọmọ lọ ní ìdí tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà náà sínú físà ọmọ tó ń bá àgbàlagbà rìn. Bí àbúrò ìyá kò bá lè lọ mọ́, tí ẹ̀gbọ́n wá gba ipò rẹ̀, wọ́n lè dá ọmọ náà padà ní pápákọ̀, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé òbí fọwọ́ sí ìyípadà náà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìbátan. Kí a kàn kọ “àǹtí rẹ̀” kò tó. Ẹ kọ ọ́ tán: ọmọ ìyá ìyá rẹ̀ ni, bàbá wọn ló yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àbúrò òbí sí ẹbí tó sún mọ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá nìkan, ṣùgbọ́n kò ka ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mọ́ ọn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ irú ìbátan tó jìnnà bẹ́ẹ̀, dandan ni kí wọ́n sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ lè tẹ̀ ba kí ó bi í pé ta lẹni tó mú un wá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa kì í pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórúkọ, yóò ní “Mọ́mì mi ni.” Lẹ́tà ní àbúrò ìyá, ọmọ ní mọ́mì. Wákàtí méjì lórí àga nìyẹn.

Wọn kò ṣàdédé máa bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹbí kan ló mú Victoria Climbié kúrò ní Kòdìfuà, wọ́n gba Faransé kọjá dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1999, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tó jẹ́ ti ọmọ mìíràn. Àwọn òbí rẹ̀ gbà pé ẹ̀kọ́ ló ń lọ kọ́. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí ìyà pa á ní oṣù Èrèlé ọdún 2000. Ìwádìí tí Lọ́ọ̀dù Laming ṣe lé e lórí jáde lọ́dún 2003, ó sì wà lára ohun tó bí Òfin Ọmọdé ti ọdún 2004 níbẹ̀. Ní tèmi, ìtàn yìí fi ibi tí agbára ìwé ìyọ̀ǹda mọ hàn. Ó ń sọ pé òbí gbà, kò sọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú ọmọ.

Bí bàbá bá ti kú, ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ ni ìyá yóò mú wá. Bí wọ́n bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, ìdájọ́ tó sọ ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lásán. Èyí tó le jù ni bàbá tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wọlé sí. Ìyá lè búra ní kọ́ọ̀tù pé òun nìkan ló ń tọ́mọ, kí ó ṣàlàyé ìgbà tí wọ́n gbúròó bàbá gbẹ̀yìn. Àwọn ibi kan lè gbà á, òmíràn lè ní dandan ni ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́.

Ìwé ìyọ̀ǹda kò lè fa ọmọ padà wálé. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Hague ti ọdún 1980 lórí ọmọ tí òbí kan gbé sá kọjá ibodè, nítorí náà, òbí tí wọ́n bá dá ọmọ rẹ̀ dúró sí òkè òkun yóò lọ pẹjọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ọmọ wà. Ọjọ́ àbọ̀ tó wà nínú lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ fi han adájọ́. Bí ọkàn òbí bá sì yí kí ọmọ tó wọ ọkọ̀, ó lè fa ìyọ̀ǹda náà padà: kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi tó ẹ́ḿbásì àti Ìmígíréṣọ̀n létí, kí lọ́yà rẹ̀ sì lọ gba àṣẹ ìdádúró ní kọ́ọ̀tù.