Ipò Ẹ̀bẹ̀ Nínú Ímeèlì: Oníṣòwò Ìbàfò àti Alábàáṣe Rẹ̀ ní Jámánì

Nínú ìbánisọ̀rọ̀ Yorùbá, ìkíni àti ìdí ọ̀rọ̀ ni ó máa ń ṣíwájú ohun tí a fẹ́ tọrọ, nítorí pé ẹni tí ó bá ti orí ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni a ń kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà yìí máa ń bá oníṣòwò dé inú ímeèlì tí ó ń kọ sí òkèèrè. Ní 1976, Edward T. Hall, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, ya àwùjọ tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sinmi púpọ̀ lé ìbátan àwọn tí ń sọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì ka àwọn ará Jámánì mọ́ irú kejì. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìwé òwò sábà máa ń fi èyí gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí ó gé ìkíni kúrò. Ìmọ̀ràn náà kò péye, nítorí pé ibi tí ẹ̀bẹ̀ wà nínú lẹ́tà ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe ìkíni.

Bí ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ìbàfò bá fẹ́ ra ẹ̀rọ láti Jámánì, ó ní láti gba Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí òfin Nàìjíríà ní kí agbọjàwọlé fi sílẹ̀ nípasẹ̀ báǹkì kí ọjà tó wọ ọkọ̀, báǹkì yóò sì béèrè ìwé iye owó tí olùtajà kọ ṣáájú ìsanwó. Bí lẹ́tà bá kí olùtajà tilé-tọ̀nà, tí ó ṣàlàyé ìnira iná mànàmáná, tí ó wá parí sí pé inú àwọn yóò dùn bí ó bá lè ṣèrànwọ́ nípa àwọn ìwé tí ó kù, olùtajà kò lè mọ ìwé wo tàbí ọjọ́ wo. Àmì pé lẹ́tà náà ti kùnà ni kí èsì rẹ̀ dáhùn ìkíni, kí ó má sì mẹ́nu kan ìwé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ tí a ń fẹ́ ẹ wà nínú àkọlé, kí ìkíni jẹ́ ìlà kan, kí ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí ìdí rẹ̀, èyí tí í ṣe ohun tí báǹkì ń béèrè, wá ṣìkẹta. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yọ, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí ọjọ́ náà nítumọ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè Juliane House àti Gabriele Kasper fi hàn ní 1981 pé àwọn tí ń sọ èdè Jámánì máa ń béèrè nǹkan ní tààrà ju àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ; nítorí náà, èsì tí ó kàn ní kí a fi ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà tààrà bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún Japan, níbi tí gbólóhùn pé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣòro díẹ̀ sábà ti jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè nìkan kò sì tó láti fi dájọ́. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ tí alábàáṣe fúnra rẹ̀ kọ ni kí oníṣòwò yẹ̀ wò, kí ó sì fi ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ sí ibi tí onítọ̀hún ń fi tirẹ̀ sí.